Ẹ̀rọ tó ń dá fídíò sílẹ̀ àti áàpù tó ń gé fídíò: wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà o

1/
Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nínú ìnbọ́ọ̀sì ni èyí: "Àǹtí, áàpù wo lẹ fi ṣe fídíò yẹn?" Ẹni mẹ́ta lè bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo yìí, kó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń wá yàtọ̀ síra. Ẹni àkọ́kọ́ ti ya fídíò sórí fóònù rẹ̀, ó fẹ́ gé e kó dùn ún wò. Ẹnì kejì kò ya nǹkan kan, ó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ sọ ọ̀rọ̀ náà di fídíò. Ẹnì kẹta rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ẹnì kẹta yìí gan-an ni mo wá bá lónìí. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ó máa gùn díẹ̀.

2/
Kí n ti sọ èrò mi kí n tó ṣàlàyé. Ohunkóhun tó bá ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní etí òkun wa, láti Etíkàn títí dé Ayétòrò, ẹ yà á, kí ẹ sì ẹ́díìtì ohun tí ẹ yà. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu dá a sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹ̀rọ tó ń dá fídíò sílẹ̀. Ó ní ibi tó ti wúlò, màá sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá da méjèèjì pọ̀, àwa ará etí omi la máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

3/
Ó yá, ìyàtọ̀ wọn. Ìbéèrè kan péré ló ń fi hàn: ta ló ṣe àwòrán tó wà lójú fídíò yìí?

Tí ẹ bá ya fídíò, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló bọ́ sára omi, sára ọkọ̀, sára bàbá tó ń fa àwọ̀n, tó wá wọ inú kámẹ́rà yín. Àwọn nǹkan yẹn wà níbẹ̀. Ẹ wà níbẹ̀. Fídíò kì í ṣe nǹkan mìíràn ju àwòrán tó ń sáré tẹ̀lé ara wọn lọ. Ọ̀pọ̀ fóònù ń ya 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìṣẹ́jú kan jẹ́ àwòrán 1,800. Gbogbo 1,800 yẹn pátá, ibi tí ẹ dúró sí ni wọ́n ti wá.

4/
Ẹ́díìtì kì í fi àwòrán tuntun kún un. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yan èyí tó máa kù. Ẹ gé ibí, ẹ ju tọ̀hún nù, ẹ gbé èyí síwájú ìyẹn, ẹ tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, ẹ dín ariwo atẹ́gùn kù, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ rò ó bí ìyá tó ń ṣa ẹja lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀. Ó lè to ńlá sápá kan, kó to wẹ́wẹ́ sápá kejì, kó da èyí tó ti bàjẹ́ nù. Ṣùgbọ́n kò lè ṣa ẹja tí àwọ̀n kò kó.

5/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà, ẹ lè fojú ara yín rí i. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ ffmpeg. Ká ní ẹ ya fífa àwọ̀n fún ìṣẹ́jú méjì lé díẹ̀, àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá 12 péré lẹ fẹ́ nínú rẹ̀:

```
ffmpeg -ss 00:01:12 -to 00:01:24 -i awon.mp4 -c copy awon_kekere.mp4
```

Ẹ wo `-c copy` yẹn. Ohun tó ń sọ ni pé "dà á kọ bó ṣe wà". Ẹ̀rọ náà kò tún àwòrán kankan yà, kò kùn ún, kò fọ̀ ọ́. Ó kàn gbé apá kan jáde nínú odidi. Nítorí pé kò fẹ́ tún nǹkan ṣe yìí ni ibi tí gígé náà ti bẹ̀rẹ̀ fi lè yẹ̀ díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, torí kì í ṣe gbogbo àwòrán ni fídíò ń tọ́jú ní odindi, ó sì dìgbà tó bá rí èyí tó wà ní odindi kó tó lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ẹ́díìtì nìyẹn láìsí bùkátà kankan lórí rẹ̀.

6/
Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wo ìkejì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀: "ọkọ̀ apẹja onígi ń kúrò ní etí omi ní ìdájí, ìkùukùu wà lójú omi." Ẹ tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, fídíò yọ. Kò sí ọkọ̀ níbì kan. Kò sí ìdájí níbì kan. Níbo wá ni àwòrán yẹn ti wá?

7/
Ẹ rántí bí tẹlifíṣàn àtijọ́ ṣe máa ń rí tí kò bá sí ìtàgé: àmì funfun àti dúdú wẹ́wẹ́ tó ń fò káàkiri, tó ń ṣe ṣááá. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fi fídíò tó pọ̀ lọ súà kọ́ ọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ṣàpèjúwe wọn, títí tó fi mọ irú àwòrán tó sábà máa ń bá irú ọ̀rọ̀ báyìí rìn. Ó wá ń nu àmì wẹ́wẹ́ yẹn díẹ̀díẹ̀, ní ìpele ìpele, tó ń fà á súnmọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ yín sọ, títí tí ọkọ̀ àti omi á fi yọ jáde. Àrọ́bájọ ni. Ó dára, ó rẹwà, ṣùgbọ́n àrọ́bájọ ni.

8/
Ohun tó tẹ̀lé e ni kí ẹ di mú: ohun tí wọ́n yà púpọ̀ láyé ló mọ̀ dáadáa. Ohun tí wọn kò yà púpọ̀, á fi ohun tó jọ ọ́ dí i.

Mo dán an wò. Mo kọ àpèjúwe abúlé Ìlàjẹ kan létí òkun, ilé onípákó lórí òpó, ọkọ̀, ẹja lórí àgbá yíyan. Fídíò tó jáde lẹ́wà gan-an. Ṣùgbọ́n òkè gàgàrà wà lẹ́yìn abúlé náà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ etí òkun wa, ẹ sọ fún mi, òkè wo? Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọwọ́ ni. Ìdí tí omi fi ń wọlé bá wa nìyẹn. Ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ náà, orí rẹ̀ kà sókè bí ọkọ̀ ilẹ̀ Éṣíà. Ẹ̀rọ náà kò purọ́ mọ́ mi. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ó fi abúlé orí omi tó ti rí jù fún mi. Tiwa kọ́.

9/
Àwọn irinṣẹ́ wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n pín wọn sí agbọ̀n, kó má baà dà rú.

Agbọ̀n kìíní, àwọn tó ń dá fídíò sílẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀: Sora ti OpenAI, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ayé ní oṣù Kejì ọdún 2024, tí wọ́n sì ṣí fún àwọn èèyàn ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, kí wọ́n tó kéde ní ọdún 2026 pé àwọn máa tì í. Veo ti Google, tí ẹ̀yà rẹ̀ kẹta, Veo 3, jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 pẹ̀lú ohùn àti ariwo tó ń dá fúnra rẹ̀. Kling láti ilẹ̀ Ṣáínà. Gen-3 àti Gen-4 ti Runway. Pika. Dream Machine ti Luma. Gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ lè má ní kámẹ́rà rárá kí ẹ tó lò wọ́n.

10/
Agbọ̀n kejì, àwọn tó ń gé ohun tí ẹ ti yà: lórí fóònù, CapCut, InShot, VN, KineMaster. Lórí kọ̀ǹpútà, DaVinci Resolve (èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́), Premiere Pro ti Adobe, Final Cut Pro fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà Apple. Tí ẹ bá ṣí ìwọ̀nyí láìní fídíò kankan, òfìfo lẹ máa bá. Wọ́n ń dúró de ẹrù yín ni.

11/
Agbọ̀n kẹta ló ń da àwọn èèyàn láàmú, torí ó wà láàárín. Fídíò tí ẹ yà ni ẹ fún un, ṣùgbọ́n ó ń fi àwòrán tí kámẹ́rà kò rí kún un. Generative Extend tó wà nínú Premiere Pro, bí àpẹẹrẹ, tí fídíò yín bá tètè parí, ó lè fi ìṣẹ́jú àáyá tí kò ju méjì lọ gùn ún. Aleph ti Runway, tó jáde ní ọdún 2025, ẹ lè fún un ní fídíò yín kí ẹ sọ pé kó mú òjò wá, kó yọ ọkùnrin yẹn kúrò, kó sọ ọ̀sán di alẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe ìyẹn ní ẹ́díìtì. Lójú tèmi, apá tó fi kún un yẹn, dídá sílẹ̀ ni.

12/
Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "AI" tàn yín jẹ. Tí CapCut bá gbọ́ ohùn yín tó kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ fídíò, ọgbọ́n ẹ̀rọ ló lò, òótọ́ ni. Tó bá yọ ohun tó wà lẹ́yìn yín kúrò, ọgbọ́n ẹ̀rọ náà ni. Ṣùgbọ́n ojú yín tó ṣẹ́ kù yẹn, ojú yín tí kámẹ́rà rí ni. Kò dá èèyàn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni CapCut kan náà ti kó àwọn bọ́tìnnì tó ń dá àwòrán àti fídíò sílẹ̀ mọ́ra báyìí. Nítorí náà, orúkọ áàpù nìkan kò tó. Bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ẹ padà sí ìbéèrè wa: ta ló ṣe àwòrán tó wà níbẹ̀?

13/
Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní a fẹ́ fídíò ìṣẹ́jú àáyá 45 nípa bí ẹja ṣe ń ti inú òkun dé orí àgbá.

Ọ̀nà yíyà: mo dúró létí omi, mo ya mẹ́rin. Ọkọ̀ ń bọ̀, ìṣẹ́jú 1 àti àáyá 40. Fífa àwọ̀n, ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 10. Pínpín ẹja, ìṣẹ́jú 1 àti àáyá 30. Yíyan ẹja, àáyá 40. Ẹ ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú 6 géérégé ni. Fídíò 1080p lórí ọ̀pọ̀ fóònù máa ń gba nǹkan bíi 130 MB ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ó tó 780 MB. Ẹ rí i dájú pé àyè wà lórí fóònù kí ọkọ̀ tó dé, torí bàbá kò ní dá àwọ̀n padà sómi nítorí pé fóònù yín ti kún.

14/
Ohun tí mo kọ́kọ́ ń ṣe ni pé mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ṣáájú kí n tó wo àwòrán. Etí òkun ní atẹ́gùn, atẹ́gùn sì máa ń gbá ẹnu gbohùngbohùn fóònù. Ibi tí ohùn bá ti bàjẹ́ pátápátá, mo mọ̀ pé àwòrán ibẹ̀ nìkan ni màá lò. Lẹ́yìn náà, mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí CapCut, mo wá ibi tí nǹkan gidi ti ṣẹlẹ̀, mo tẹ Split níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, mo tẹ Delete sí ìyókù. Ọkọ̀, àáyá 8. Àwọ̀n, 15. Pínpín, 10. Yíyan, 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 45. Mo ń jẹ́ kí ìṣe kan parí kí n tó gé e: kí ọwọ́ bàbá dé inú ọkọ̀ tán, kì í ṣe kó ṣì wà lófuurufú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni Export, 1080p, 30.

15/
Gbogbo ìyẹn, orí fóònù lọ́wọ́ mi ni mo ti ṣe é. Gígé, títò, dídín ohùn kù, kò gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Iná fóònù nìkan ló jẹ. Ìgbà tí mo bá fẹ́ gbé e sórí ìkànnì nìkan ni mo nílò détà, fídíò tó ti parí náà kò sì wúwo. Tí ẹ bá gbé e jáde ní mẹ́gábíìtì 8 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, àáyá 45 yẹn kò ju nǹkan bíi 45 MB lọ.

16/
Ọ̀nà dídá sílẹ̀: Veo 3 máa ń fún èèyàn ní fídíò ìṣẹ́jú àáyá 8 lẹ́ẹ̀kan. Fún 45, mo nílò mẹ́fà, ó kéré tán. Àpèjúwe mẹ́fà nìyẹn. Ẹ̀rọ náà kò sì rántí bàbá tó wà nínú ti àkọ́kọ́ àfi tí mo bá fún un ní àwòrán tó máa dì mú. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, aṣọ bàbá á yí padà, ọkọ̀ á gùn sí i, irùngbọ̀n á yọ lójú ẹni tí kò ní irùngbọ̀n. Mo máa tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ lówó lórí. Kọ̀ǹpútà ńláńlá tó wà lókè òkun ló ń ṣiṣẹ́ náà, fóònù mi kàn ń dúró ni. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, iṣẹ́ dúró. Ẹni tó ń gbé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀ bí ìgbì mọ ohun tí mò ń sọ.

17/
Ẹ̀hẹ́n, ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn jù níbẹ̀. Tí mo bá ti dá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ tán, kí ni màá fi so wọ́n pọ̀? CapCut! Mo máa gé ìbẹ̀rẹ̀ wọn, mo máa tò wọ́n, mo máa fi ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ́díìtì kò yẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé kò sídìí láti kọ́ ẹ́díìtì mọ́ torí ẹ̀rọ ti dé, ó kàn gba ọ̀nà tó jìn dé ibì kan náà ni.

18/
"Ṣùgbọ́n Àǹtí, tí fídíò méjèèjì bá rẹwà, kí ló kàn wá?" Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká dé Ayétòrò.

Ọdún 1947 ni àwọn ará Ìlàjẹ kan tí wọ́n jọ ń sin Ọlọ́run tẹ ìlú náà dó, wọ́n sì ń pè é ní Ìlú Aláyọ̀. Òkun ti gba ilé, ó ti gba òpópónà, àwọn èèyàn ti ń kó wọ inú lọ láti ọdún pípẹ́. Báwo ni ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ tàbí Àbújá ṣe mọ̀? Fídíò. Àwọn ará ìlú gbé fóònù sókè, wọ́n ya omi tó wọ yàrá, wọ́n ya ògiri tó ń wó. Àwòrán wọn kì í fìgbà gbogbo dára. Ó máa ń mì, atẹ́gùn máa ń bo ohùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni.

19/
Ẹ wá ro èyí wò. Ẹnì kan tó fẹ́ràn Ayétòrò tọkàntọkàn rí i pé fídíò tòótọ́ kò gba láìkì tó. Ó mú fọ́tò gidi kan ti etí omi níbẹ̀, ó fún ẹ̀rọ, ó ní kó jẹ́ kí ìgbì gíga bíi ilé alájà mẹ́ta ya lu ilé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ agbọ̀n kìíní lè ṣe èyí: ẹ fún wọn ní fọ́tò, wọ́n á mú kó máa rìn. Àwòrán àkọ́kọ́ nìkan ló jẹ́ òótọ́. Gbogbo èyí tó tẹ̀lé e, ẹ̀rọ ló hun ún. Fídíò náà tàn káàkiri. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan tú u fó. Ó tán.

20/
Láti ọjọ́ yẹn lọ, tí ìyá kan bá ya omi gidi tó wọ ilé rẹ̀ gidi, ìdáhùn tí wọ́n máa kọ sábẹ́ rẹ̀ ni "AI ni jàre." Òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò fẹ́ ṣe nǹkan kan kò ní ṣe wàhálà àtiwá àwáwí mọ́. Ẹ̀yin lẹ fún un. Irọ́ tí a pa láti ran òtítọ́ lọ́wọ́ ló máa ń pa òtítọ́ náà. Ìdí tí mo fi le lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Fídíò tó ń mì tìtì láti ọwọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ níye lórí fún wa ju fídíò dídán tí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ lọ.

21/
Kí n má sì purọ́: ẹ́díìtì náà lè parọ́. Ẹni tó mú omi ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tó so ó mọ́ ọ̀rọ̀ tí gómìnà sọ lánàá, kò dá àwòrán kankan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tàn wá. Ẹni tó gé ìdáhùn bàbá láàárín kí "rárá" lè di "bẹ́ẹ̀ ni" náà ti tàn wá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé irọ́ ẹ́díìtì ní oògùn: fídíò àkọ́kọ́ tó gùn wà níbì kan. Ẹ lè ní "mú odidi rẹ̀ wá ká wò ó." Èyí tí ẹ̀rọ dá sílẹ̀ kò ní odidi kankan lẹ́yìn. Kò sí ohun tó ṣáájú rẹ̀, kò sí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

22/
Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má pa fídíò ìpìlẹ̀ rẹ́. Ìṣẹ́jú 6 yẹn, 780 MB yẹn, ẹ kó o pamọ́ sórí káàdì tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yà á sí orúkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá pè yín ní òpùrọ́, òun ni agbẹjọ́rò yín. Ẹ má fi WhatsApp lásán tọ́jú rẹ̀ o, torí ó máa ń fún fídíò mọ́lẹ̀, àwọn ọjọ́ àti ibi tí fóònù kọ sínú fáìlì á sì ṣáà sọnù.

23/
Báwo la ṣe lè dá èyí tí ẹ̀rọ dá sílẹ̀ mọ̀? Ẹ wo ibi tí nǹkan méjì ti pàdé. Ẹ wo àjẹ̀ tó bá wọ omi: ṣé omi ń pín sí méjì, ṣé ipa rẹ̀ ń tẹ̀lé ọkọ̀? Ẹ wo ìka tó di àwọ̀n mú: ṣé okùn gba àárín ìka kọjá, àbí ó yọ́ wọnú ẹran ara? Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀: ṣé ó ṣe é kà? Ẹ wo ọmọ tó rìn kọjá lẹ́yìn òpó: ṣé ọmọ kan náà ló yọ lódì kejì? Kẹ́ ẹ sì ka àáyá: tí kò bá sí ibi kankan tó gùn ju 8 lọ kó tó yí padà, ẹ fura.

24/
Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ojú nìkan, torí àwọn àṣìṣe yìí ń dín kù bí ẹ̀rọ ṣe ń dára sí i. Google máa ń fi àmì kan tí ojú kò rí, SynthID, sínú fídíò Veo. Àwọn ilé iṣẹ́ kan, OpenAI àti Adobe wà lára wọn, máa ń fi ìwé ẹ̀rí tó ń jẹ́ Content Credentials sínú fáìlì. Ó dáa, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ya ojú fóònù rẹ̀ tàbí tó fi ránṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ìwé ẹ̀rí inú fáìlì lè já bọ́. Nítorí náà, tí ẹ kò bá rí àmì, kò túmọ̀ sí pé òótọ́ ni. Ìbéèrè àtijọ́ ṣì ló lágbára jù: Ta ló yà á? Ibo ló dúró sí? Ẹlòmíì wo ló yà á láti ibòmíì?

25/
Ibo wá ni dídá sílẹ̀ ti wúlò? Ibi tí kámẹ́rà kò lè dé. Ẹ ò lè ya ọjọ́ tí wọ́n gbé òpó àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní Ayétòrò ní 1947. Ẹ ò lè ya ìtàn àtẹnudẹ́nu tí màmá àgbà ń sọ. Ẹ ò lè ya àlá. Ẹ rántí Malik Afegbua, tó lo ẹ̀rọ láti ṣe àwòrán àwọn àgbàlagbà tó ń fi aṣọ ṣe àfihàn bí módẹ́ẹ̀lì, tó sì gba ìgboro kan ní ọdún 2023. Àfihàn aṣọ yẹn kò ṣẹlẹ̀ rí, òun náà kò sì sọ pé ó ṣẹlẹ̀. Ó fẹ́ ká ro ohun tí a kì í rò nípa arúgbó ni. Ìyẹn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

26/
Nítorí náà, òfin tí mo fún ara mi, tí mo sì ń fún ẹni tó bá ní kí n bá òun ṣiṣẹ́, rèé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀, yíyà àti gígé. Ohun tí kámẹ́rà kò lè rí, mo lè dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ̀rọ ló dá àwòrán yìí sílẹ̀" gbọ́dọ̀ wà lójú fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe nínú háṣítáàgì kẹtàdínlógún. TikTok àti YouTube náà ní kí a máa sọ ọ́ tí fídíò bá jọ òótọ́. Ẹni tó wà láàyè, mi ò ní fi ẹ̀rọ sọ ohun tí kò sọ sí i lẹ́nu. Tí mo bá sì fi ìṣẹ́jú àáyá méjì gùn fídíò gidi, màá sọ pé méjì yẹn kì í ṣe ti kámẹ́rà.

27/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba iṣẹ́, ẹ tètè bi oníbàárà kẹ́ ẹ tó dá iye: "Ṣé fídíò wà nílẹ̀, àbí kò sí?" Tó bá wà, wákàtí ni ẹ máa gba owó lé: wíwò, gígé, títò. Tí kò bá sí, tó sì fẹ́ kí ẹ̀rọ dá a sílẹ̀, ẹ gba owó ẹ̀rọ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tí ẹ máa tún un ṣe mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àmì máa wà lójú rẹ̀. Oníbàárà tó bá ní òun kò fẹ́ àmì, tí fídíò náà sì jẹ́ nípa ìlú gidi àti èèyàn gidi, ẹ ti mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

28/
Ó tán. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá wọ ìnbọ́ọ̀sì mi, ẹ má bi mí ní áàpù tí mo fi ṣe é. Ẹ bi mí pé "Àǹtí, ṣé ẹ yà á ni, àbí ẹ dá a sílẹ̀?" Màá dá yín lóhùn, màá sì fi odidi rẹ̀ hàn yín tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí omi báyìí, tí òkun ń sún mọ́ ilé yín: ẹ yà á, ẹ sọ ọjọ́ tó jẹ́ sínú rẹ̀ lẹ́nu, ẹ tọ́jú rẹ̀. Gígé rẹ̀ kò le, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín gé e.